Ògiri Tó Lanu Ní Agbowó: Ẹ Má San Owó Àṣekù Kámẹ́rà Kí Ẹ Tó Yí Páswọ́ọ̀dù Rẹ̀

Ní ilé tí àwa mẹ́rin tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ń gbé ní Agbowó, kámẹ́rà mẹ́rin ló wà lára ògiri. Ọ̀kan ń wo géètì, ọ̀kan ń wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ọ̀kan ń wo àtẹ̀gùn. Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Ọ̀ọ̀dẹ̀ tó ti balùwẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà àwọn yàrá ló ń wò. Gbogbo ẹni tó bá wẹ̀ tán, tó ró aṣọ mọ́ra, iwájú kámẹ́rà yẹn ló ń gbà kọjá. Bàbá onílé kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Olè ja yàrá méjì lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́ta lọ, àwa gan-an sì wà lára àwọn tó bẹ Bàbá pé kí wọ́n ra kámẹ́rà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bàbá ní kí a wá bá àwọn nílé àwọn ní Challenge. Wọ́n ti ra fóònù tuntun, wọ́n sì fẹ́ kí a bá àwọn gbé áàpù kámẹ́rà sínú rẹ̀ kí wọ́n lè máa wo ilé Agbowó láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n fa bébà kan yọ tí oníkámẹ́rà tó wá ṣiṣẹ́ náà kọ sílẹ̀ fún wọn. Àdírẹ́sì kan wà níbẹ̀, orúkọ ìwọlé wà níbẹ̀: `admin`. Níbi tó yẹ kí páswọ́ọ̀dù wà, òfìfo ni.

A ní, "Bàbá, páswọ́ọ̀dù ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ó ní kò sí. Ó ní kí n má tẹ nǹkan kan síbẹ̀, kí n kàn wọlé."

A wo ojú ara wa. Àdírẹ́sì orí bébà náà ni àdírẹ́sì tí gbogbo ayé fi lè kan ilẹ̀kùn ilé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti lè kàn án, tó sì kọ `admin`, ti wọlé nìyẹn. Ohun tí Bàbá ń rí lórí fóònù wọn ní Challenge ni òun náà yóò máa rí, ibi yòówù kó wà.

Èrò wa nínú ọ̀rọ̀ yìí kò gùn. Ìgbà kan ṣoṣo ló wà tí agbára wà lọ́wọ́ ẹni tó ra kámẹ́rà, ìyẹn ni ìgbà tí owó àṣekù oníkámẹ́rà ṣì wà lápò rẹ̀. Ẹ má san owó yẹn títí oníkámẹ́rà yóò fi ṣe ohun méjì lójú yín: kó yí páswọ́ọ̀dù tó bá kámẹ́rà dé, kó sì pa ohun tó ń jẹ́ UPnP. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò tó, a ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà ṣí. Ráútà ilé dà bí géètì ọgbà. Ẹni tó wà nínú lè jáde, kó lọ ra nǹkan, kó sì padà wọlé. Àlejò tó wá láti ìta, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò pè, géètì kì í ṣí fún un. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ó sì ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n UPnP jẹ́ àdéhùn kan láàárín ráútà àti àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Ẹ̀rọ kan lè sọ fún ráútà pé, "Bá mi ṣí pọ́ọ̀tù báyìí sí ìta, ẹnikẹ́ni tó bá kàn án, darí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi." Ráútà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í béèrè páswọ́ọ̀dù, kì í bi onílé, kì í fi ohùn tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣe é kó lè rọrùn fún ẹni tí kò mọ̀ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú sì ń ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n dé pẹ̀lú UPnP ní títàn.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ti wa yìí, kámẹ́rà tí a gbé kọ́ ògiri kí olè má baà wọlé ni ó bẹ ògiri pé kó lanu.

Nígbà tí a padà dé Agbowó, pẹ̀lú àṣẹ Bàbá, a so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ráútà náà, a sì ní kó sọ gbogbo pọ́ọ̀tù tí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí. Àṣẹ tí a fi bi í ni `upnpc -l`, láti inú irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ miniupnpc. Èsì tó fún wa rí báyìí:

```
 i protocol exPort->inAddr:inPort description remoteHost leaseTime
 0 TCP 34567->192.168.1.64:34567 'DVR' '' 0
 1 TCP    80->192.168.1.64:80    'DVR' '' 0
```

Bí a ṣe kà á nìyí. `192.168.1.64` ni rékọ́dà, àpótí tí wáyà kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀. Pọ́ọ̀tù 80 ni ojú ìwé tí ènìyàn fi ń wọlé sínú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Pọ́ọ̀tù 34567 ni ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé orí áàpù, ẹni tó bá sì mọ irú rékọ́dà yìí yóò ti dá nọ́ńbà náà mọ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Òfìfo tó wà láàárín àmì `''` túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí a yàn pé òun nìkan ló lè wọlé. Gbogbo ayé ni. Odo tó wà níparí sì ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ilẹ̀kùn yóò fi wà ní ṣíṣí. Odo kò túmọ̀ sí pé yóò tètè tì. Ó túmọ̀ sí pé kò ní ọjọ́ tí yóò parí.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè rí ohun kan náà nínú ojú ìwé ráútà rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ UPnP sí. Tí tábìlì kan bá wà níbẹ̀ tó ní àdírẹ́sì kámẹ́rà nínú, ilé rẹ̀ náà ti lanu nìyẹn.

Àwọn kan máa sọ pé, "Ta ló ráyè máa wo ọ̀ọ̀dẹ̀ Agbowó?" Ìdáhùn ni pé kì í ṣe ènìyàn ló ń wá ilẹ̀kùn kiri. Ètò kọ̀ǹpútà ni. Kò mọ Agbowó, kò mọ Ring Road. Nọ́ńbà ló ń kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, kì í ṣe torí àwòrán nìkan ni wọ́n ṣe ń wá kámẹ́rà. Kámẹ́rà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré, ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í sùn, ẹnikẹ́ni kì í sì í wo ohun tó ń ṣe.

Kò jìnnà sí wa tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní Láìbéríà, níhìn-ín ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ilé-iṣẹ́ fóònù Lonestar MTN jìyà rẹ̀ ní 2016. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Daniel Kaye ni ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ abánidíje háyà pé kó ba ti Lonestar jẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Kaye ti ń lo ètò apanirun tí wọ́n ń pè ní Mirai. Gẹ́gẹ́ bí àjọ National Crime Agency ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mú un ṣe sọ, kámẹ́rà ààbò Dahua tí àrùn Mirai ti wọ̀ ni ó kó jọ láti fi jà. Gbogbo wọn a kọjú sí Lonestar lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n a máa da ìsọfúnni tí kò wúlò bò ó títí ọ̀nà yóò fi dí pa. Àjọ náà sọ pé ní oṣù kọkànlá 2016, ó pọ̀ débi pé íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri Láìbéríà dákú. Lonestar ná nǹkan bí 600,000 dọ́là láti dáàbò bo ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì fi í sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2019 ni ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán Kaye lọ sẹ́wọ̀n oṣù 32.

Ẹ wò ó. Àwọn tó ni kámẹ́rà yẹn kò mọ Lonestar, wọ́n kò sì mọ Kaye. Kámẹ́rà wọn ń fi ẹnu ọ̀nà hàn wọ́n lójoojúmọ́ bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ tí wọ́n fowó ra ń bá ẹlòmíì jagun.

Báwo ni Mirai ṣe ń wọ kámẹ́rà? Kò ní oògùn kankan. Àkójọ orúkọ ìwọlé àti páswọ́ọ̀dù bí 60 ló gbé dání, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń ti ilé-iṣẹ́ bá ẹ̀rọ dé. `admin` àti `admin` wà níbẹ̀. `root` àti `888888` wà níbẹ̀. Yóò kan pọ́ọ̀tù 23 tàbí 2323, tó jẹ́ ti Telnet, ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti òkèèrè. Tí ó bá dáhùn, yóò máa dán páswọ́ọ̀dù wò. Tí ó bá wọlé, yóò jókòó, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kámẹ́rà mìíràn.

Apá kan wà nínú rẹ̀ tó kan àwa ará Ìbàdàn gidigidi. Inú mẹ́mọ́rì ni Mirai ń gbé, kì í kọ ara rẹ̀ sí ibi tí yóò pẹ́. Tí iná bá lọ, tí kámẹ́rà kú, Mirai náà kú. Ẹni tó ń gbé Bódìjà tàbí Agbowó lè rẹ́rìn-ín pé NEPA ń bá òun fọ kámẹ́rà òun lójoojúmọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí iná bá ti dé, tí páswọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, tí pọ́ọ̀tù ṣì ṣí, àrùn náà yóò tún wọlé. Ní oṣù kọkànlá 2016, onímọ̀ ààbò ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Graham, ra kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú kan, ó so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi aago wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá 98 ni àrùn fi wọ̀ ọ́. Kí ẹni tó lọ pa jẹnẹrétọ̀ tó padà wọlé, ó ti parí.

Ibí yìí la ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn orí fóònù ti máa ń ṣì. Wọ́n á ní, "Yí páswọ́ọ̀dù," wọ́n á sì lọ. Ṣùgbọ́n rékọ́dà bíi tiwa lè ní ju ìlẹ̀kùn kan lọ. Páswọ́ọ̀dù `admin` tí ẹ rí lójú áàpù ni ẹ lè yí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Mirai kọ́kọ́ kó, tí ẹ̀yà inú wọn wá láti ilé-iṣẹ́ XiongMai ní Ṣáínà, páswọ́ọ̀dù Telnet yàtọ̀ sí ti áàpù. Wọ́n kọ ọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ náà láti ilé-iṣẹ́, kò sì sí ibì kankan lójú ìwé tí onílé lè gbà yí i. Ẹni tó yí páswọ́ọ̀dù áàpù sí lẹ́tà 20 gbàgbọ́ pé òun ti tilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìnkùlé ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè dáàbò bo ẹ̀yìnkùlé yẹn ni kí géètì má ṣí, kí ráútà má darí ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pípa UPnP fi ṣe pàtàkì.

Ṣé pípa UPnP nìkan wá tó? Kò tó. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní kò nílò kí pọ́ọ̀tù ṣí kí fóònù tó rí wọn. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ bá kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, áàpù yín náà á lọ bá a níbẹ̀, wọ́n á sì pàdé. P2P ni wọ́n máa ń kọ sórí rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára sítíkà kámẹ́rà ló sì ń lò. Torí pé inú ilé ni kámẹ́rà ti ń jáde, géètì kò lè dí i lọ́wọ́. Ní ọ̀nà yìí, páswọ́ọ̀dù ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó kù. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ SEC Consult ti ilẹ̀ Ọ́síríà fi hàn pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ẹ̀rọ XiongMai kì í ṣe àṣírí, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lè fojú díwọ̀n rẹ̀, àti pé `admin` láìní páswọ́ọ̀dù ló ń bá wọn dé.

Nítorí náà, géètì ń ṣọ́ ibi tí páswọ́ọ̀dù kò dé, páswọ́ọ̀dù sì ń ṣọ́ ibi tí géètì kò dé. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan ti fi ìdajì ilé sílẹ̀.

A mọ̀ pé ẹnì kan ní Bódìjà yóò sọ pé, "Ráútà tó ń lo síìmù lèmi ń lò, kò kàn mí." Ó kàn án díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà kì í fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń kó sẹ́yìn àdírẹ́sì kan. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kódà bí ráútà bá ṣí pọ́ọ̀tù, inú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà ló ṣí sí, kì í ṣe ìta gbangba. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí WAN nínú ojú ìwé ráútà. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tí ó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ̀yìn ẹlòmíì lẹ wà. Ti ilé wa ní Agbowó kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn fáíbà ló wọlé, àdírẹ́sì gbangba ló ní, òun ni oníkámẹ́rà sì kọ sórí bébà fún Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ẹlòmíì, ẹ má sinmi. P2P ṣì wà, ẹ sì lè pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ dátà lọ́la kí kámẹ́rà máa bẹ ráútà tuntun.

Bí a ṣe tún ti Bàbá ṣe nìyí, ètò tí a tẹ̀ lé sì ṣe pàtàkì. A kọ́kọ́ yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn ráútà, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé nígbà tí a ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà la pa rékọ́dà pátápátá, tí a sì tún un tàn, kí ohunkóhun tó bá ń gbé inú mẹ́mọ́rì rẹ̀ lè kú. A wọlé pẹ̀lú `admin`, a fún un ní páswọ́ọ̀dù tuntun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta tí kò jọra pẹ̀lú nọ́ńbà, láìfi àmì ohùn sí i. Kì í ṣe nọ́ńbà fóònù Bàbá, kì í ṣe orúkọ ilé. A wo àwọn orúkọ ìwọlé mìíràn tó wà nínú rékọ́dà náà, a rí `guest`, a pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la lọ sí apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú rékọ́dà, tí a pa UPnP níbẹ̀. A tún wọ inú ráútà, a pa UPnP níbẹ̀ náà, a sì yí páswọ́ọ̀dù ráútà, torí òun náà ṣì ń lo èyí tó bá a dé. Ìdí tí a fi pa á níbi méjèèjì ni pé bí ẹnì kan bá ra kámẹ́rà mìíràn lọ́la, ìyẹn náà yóò bẹ ráútà, ráútà sì gbọ́dọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. A wo ibi tí wọ́n kọ DMZ àti Virtual Server sí, nítorí àwọn oníkámẹ́rà kan máa ń fi ọwọ́ ara wọn ṣí pọ́ọ̀tù níbẹ̀, pípa UPnP kì í sì í ti irú ìyẹn. DMZ ló burú jù, gbogbo pọ́ọ̀tù pátá ló ń darí sọ́dọ̀ ẹ̀rọ kan, ti Telnet náà wà níbẹ̀.

Ibi tí a ti ṣì wà o. Lẹ́yìn gbogbo èyí, a dá okùn padà, a wo tábìlì UPnP nínú ojú ìwé ráútà, pọ́ọ̀tù méjèèjì ṣì wà níbẹ̀! Odo ìgbà yẹn ni, ẹ rántí: ilẹ̀kùn tí kò ní ọjọ́ ìparí. Ráútà kò ní gba ẹ̀bẹ̀ tuntun mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé ti àtijọ́. A pa ráútà, a tún un tàn, a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, tábìlì náà wá ṣófo. Ẹ má gbà pé iṣẹ́ ti parí torí pé bọ́tìnì ti kúrò níbi tó wà. Ẹ wo tábìlì.

Ìdánwò ìkẹyìn ni pé kí ẹ gbé fóònù kúrò lórí Wáífáì ilé, kí ẹ lo dátà síìmù, kí ẹ kọ àdírẹ́sì WAN ráútà yín síbi tí ẹ ti ń wá ojú ìwé. Tí ojú ìwé kámẹ́rà tàbí ti ráútà bá yọ, ilẹ̀kùn kan ṣì ṣí. Tiyín nìkan ni kí ẹ dán wò. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn kọ̀ǹpútà, ti 2015, kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíì láìgbàṣẹ, bí kò tilẹ̀ ní páswọ́ọ̀dù.

Bàbá bẹ̀rù. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé n óò ṣì máa rí ilé mi láti Challenge?" A fi P2P gbé e sínú fóònù wọn pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n sì ń rí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n pàdánù ni àdírẹ́sì orí bébà yẹn nìkan. Ẹni tí kò bá nílò láti wo ilé láti òkèèrè, kó pa P2P náà. Ó tilẹ̀ lè yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn rékọ́dà pátápátá, yóò ṣì máa gba àwòrán sínú dísíìkì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí gémù náà fapá jánú pé pípa UPnP yóò ba gémù òun jẹ́. Gémù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àfi pé nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ẹni tí yóò bá gbá a.

Páswọ́ọ̀dù tuntun náà, a kọ ọ́ sórí bébà, Bàbá sì fi í sínú àpótí tí ìwé ilé wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè dé inú àpótí yẹn. Ohun tó léwu jù ni kí onílé gbàgbé, kó pe oníkámẹ́rà, kí ìyẹn sì fi rékọ́dà padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ dé. Òfìfo yóò tún padà di páswọ́ọ̀dù, UPnP inú rékọ́dà yóò sì tún tàn. Kámẹ́rà kẹrin náà ńkọ́? Bàbá ti yí ojú rẹ̀ sí àtẹ̀gùn.

Ní báyìí, ta ló jẹ̀bi? A kò fẹ́ pe oníkámẹ́rà ní olè. Ó fẹ́ kí oníbàárà rí àwòrán lórí fóònù kí òun lè gba owó òun, kó sì kọjá sí iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí oníbàárà béèrè ló ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa kan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ń kọ́lé sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé, "Mo fẹ́ máa rí i láti ibí," tí ẹ ó sì fi owó ránṣẹ́ nígbà tí àwòrán bá yọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ wà, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2024, òfin kò gbà kí wọ́n máa ta irú ẹ̀rọ yìí pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò tẹ̀lé kámẹ́rà tí wọ́n ń ra ní Dugbẹ̀. Níhìn-ín, ẹni tó fẹ́ san owó ni òfin.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ san owó ọjà, ẹ san díẹ̀ nínú owó iṣẹ́, ẹ di ìyókù mú. Nígbà tí oníkámẹ́rà bá ní òun ti parí, kó fún yín ní fóònù kí ẹ tẹ páswọ́ọ̀dù fúnra yín, kí òun má mọ̀ ọ́n. Kó ṣí ojú ìwé ráútà kí ẹ rí i pé UPnP ti kú, tábìlì ti ṣófo, DMZ kò sí. Kò gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkèèrè, ẹ ní kó ya àwòrán tábìlì náà ránṣẹ́ kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́.

Oníkámẹ́rà tó ṣe tilé wa ti gbọ́ ohun tí a ṣe. Ó bi Bàbá bóyá òun lè gba owó sí i láti máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà òun yòókù ní Ring Road. Bàbá ní kó lọ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, torí ara iṣẹ́ tó ti gbowó rẹ̀ ni. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀.